Tẹ́ẹ̀sì ìdágbére sí bàbá onílé: kí ni ká kọ, kí ni ká fi sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì Kúbwà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Àbújá. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. À ń kó kúrò ní ilé tí a ń gbé ní Kúbwà lópin oṣù yìí. Àwọn ìbejì ṣì ń mu ọmú nígbà tí a wọ ibẹ̀, wọ́n ti wọ sẹ́kọ́ńdírì báyìí. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bàbá onílé wa kò fi ẹjọ́ sùn wá rí. Ọdún tí iṣẹ́ ọkọ mi dúró, wọ́n gba owó ilé lọ́wọ́ wa ní ẹ̀mẹta láì sọ ọ̀rọ̀ burúkú kankan.

Bàbá ti padà sí Ìlọrin nítorí ara wọn. Ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àkọ́bí wọn ló ń ka ohun tó bá wọlé sórí fóònù wọn fún wọn. A ti fún wọn ní lẹ́tà láti oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá pé a óò kó lọ, wọ́n sì ti súre fún wa. Ohun tó kù ni tẹ́ẹ̀sì kúkúrú lọ́jọ́ tí a bá jáde gan-an. Ohun tí mo kọ nìyí:

«Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. A ti ń palẹ̀ mọ́ o. Ẹ ṣeun fún gbogbo ọdún tí a fi gbé ilé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí gbogbo ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ bá wa rántí owó káṣọ̀n o. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀. Kò sí gbèsè láàárín wa mọ́. Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín.»

Ọkọ mi ní ó ti pọ̀ jù. Lójú tèmi, kò tíì tó. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Ọ̀ffà

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Èmi fara mọ́ ọn pé kò tíì tó. Ẹni tó bá ọ gbé pẹ́ tó báyìí, àdúrà mẹ́ta ó kéré tán ló yẹ kí ó gbà. Ẹ súre fún ilé, ẹ súre fún àwọn ọmọ wọn, ẹ súre fún ẹni tó máa gba yàrá yẹn lẹ́yìn yín. Kí ẹ sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù sínú tẹ́ẹ̀sì kan náà: káṣọ̀n, mítà, kọ́kọ́rọ́. Ó dára kí ohun gbogbo wà lójú kan kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò rí i.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ yọ, ìyẹn «ẹ má bínú». Ta ló ń kúrò lọ́dọ̀ àgbàlagbà láì tọrọ ìdáríjì? Kò bá àṣà wa mu.

Ṣadé Lúgbè

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n oṣù mélòó ni wọ́n fún yín ní nótíìsì? Wọn ò gbọdọ̀ lé yín bẹ́ẹ̀ o. Èmi náà wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí. Éjẹ́ńtì kan ló fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí mi pé kí n kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bẹ́ẹ̀ ọdọọdún ni mo ń san owó ilé mi. Ẹ má dágbére fún ẹnikẹ́ni, ẹ lọ rí lọ́yà.

Bàbá Kọ́ọ̀tù

Ṣadé, ọmọ mi, wọn ò lé wọn. Àwọn fúnra wọn ló kọ lẹ́tà pé àwọn ń lọ. Ṣùgbọ́n tìrẹ yàtọ̀, n kò sì fẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Ní Àbújá níbí, bí àgírímẹ́ǹtì yín kò bá dá iye oṣù mìíràn, ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí nótíìsì ìdajì ọdún. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún máa fún un ní nótíìsì ọjọ́ méje pé àwọn ń lọ sí kọ́ọ̀tù láti gba ilé. Tẹ́ẹ̀sì ọ̀sẹ̀ méjì kò dúró fún ìkankan nínú méjèèjì. Mú àgírímẹ́ǹtì rẹ lọ bá lọ́yà, kí o sì tọ́jú tẹ́ẹ̀sì éjẹ́ńtì yẹn. Má pa á rẹ́.

Òfin yẹn de ayálégbé náà, torí ẹni tó fẹ́ kúrò gbọ́dọ̀ sọ kí àkókò tó dé. Ìyá Ìbejì ti ṣe ìyẹn láti oṣù Kọkànlá. Nítorí náà tẹ́ẹ̀sì yìí kì í ṣe nótíìsì, ìdágbére ni, kò sì yẹ kó gbé ẹrù tó ju ìyẹn lọ.

Ìyá Ìbejì, mo ṣiṣẹ́ akọ̀wé kọ́ọ̀tù títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹjọ́ onílé àti ayálégbé ló sì pọ̀ jù nínú èyí tó gba ọwọ́ mi kọjá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú tẹ́ẹ̀sì yín. Ohun mẹ́ta ni ẹ dì pọ̀ mọ́ra: ìdúpẹ́, ìṣirò owó, àti ẹjọ́ òrùlé. Ìdúpẹ́ ni Bàbá fẹ́ gbọ́. Ìṣirò owó ni àkọ́bí wọn máa gbájú mọ́. Bí ó bá ń kà á fún wọn, ibi tó bá kan owó ló máa dúró, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á sì ti yí padà. Ìdúpẹ́ yín kò ní dé etí Bàbá bí ẹ ṣe fẹ́.

Ẹ tún wo gbólóhùn méjì kan dáadáa. Ẹ ní «ẹ má bínú sí gbogbo ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ wa». Kí ló bàjẹ́? Ta ló bà á jẹ́? Bí ọ̀rọ̀ káṣọ̀n bá di àríyànjiyàn lọ́la, gbólóhùn yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi hàn pé ẹ ti fẹnu ara yín gbà. Ẹ tún ní «kò sí gbèsè láàárín wa mọ́», bẹ́ẹ̀ owó káṣọ̀n yín ṣì wà lọ́wọ́ wọn! Ẹni tó bá fẹ́ jẹ owó yẹn mọ́lẹ̀ á ní ẹ̀yin lẹ sọ pé ó ti tán. Ọ̀rọ̀ inú fóònù ń wọ kọ́ọ̀tù o. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 fàyè gbà á, bí ẹni tó mú un wá bá ti tẹ̀lé ohun tí abala 84 là sílẹ̀. Mi ò sọ pé Bàbá yín á ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá dàgbà, ara wọn ò sì le. Ẹni tó bá máa jókòó sídìí ọ̀rọ̀ ilé náà lọ́dún tó ń bọ̀ lè má jẹ́ Bàbá.

Ọmọ Ọ̀ffà

Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n tí a bá ń fi ojú kọ́ọ̀tù wo ìdágbére, ìfẹ́ dà níbẹ̀? Mo ṣì dúró lórí ìdáríjì.

Bàbá Kọ́ọ̀tù

Ọmọ Ọ̀ffà, mi ò ní kí wọ́n má tọrọ ìdáríjì. Kí wọ́n tọrọ rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwà, kí wọ́n má tọrọ rẹ̀ fún ilẹ̀kùn àti fèrèsé. «Ẹ yọ̀ǹda wa bí ẹnu wa bá ṣẹ̀ yín». Ìyẹn tó, kò sì sí àgbàlagbà tí kò ní fi tayọ̀tayọ̀ gbà á. Ti ilẹ̀kùn, orí ìwé ni kí ó wà.

Ìyá Onílé Kárú

Ẹ kú ìjókòó. Onílé ni mí, mo ní fúláàtì mélòó kan ní Kárú, nítorí náà mo fẹ́ sọ ohun tí ń dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀pọ̀ ayálégbé kì í kọ ohunkóhun. O kàn máa gbọ́ lẹ́nu géétì-máànù pé wọ́n ti kó lọ. Bí ẹnì kan bá kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ tó jáde, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá ni ọjọ́ tó kúrò àti ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Inú rere ni ìyókù, mo sì máa ń tọ́jú rẹ̀. Tẹ́ẹ̀sì kan wà lórí fóònù mi láti ọ̀dọ̀ ìyàwó kan tó bí ọmọ mẹ́ta sínú ilé mi. Ó kọ ọ́ pé «Màámi, ilé yín tù wá lára». Mi ò rò pé ó ju ìlà mẹ́ta lọ. Mi ò tíì pa á rẹ́.

Ṣùgbọ́n mo ta ko Bàbá Kọ́ọ̀tù níbì kan. Èmi fẹ́ kí ayálégbé sọ fún mi pé ohun báyìí bàjẹ́, kó sì ní kí n má bínú. Ọkàn mi máa ń rọ̀. Mo ti dá káṣọ̀n padà lódindi fún ẹni tó sọ òtítọ́ fún mi pé àwọn ọmọ òun ló fọ́ síǹkì. Bí ó bá dákẹ́, tí mo wá débẹ̀ tí mo bá síǹkì tó fọ́, gbogbo ibi tó kù nínú ilé ni máa tú wò. Kì í ṣe gbogbo onílé ló ń wá ẹjọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi irú tẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ ní òru. Àyà àgbàlagbà á já kó tó kà á.

Bàbá Kọ́ọ̀tù

Ẹ ṣeun, Màámi. Bí gbogbo onílé bá rí bíi tiyín, iṣẹ́ mi ì bá dínkù gan-an. Mo gbà pé kí ayálégbé sọ òtítọ́. Ibi tó ti máa sọ ọ́ ni mo ń tọ́ka sí.

Kàdúná Ló Bí Mi

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Alhájì Háúsá ni onílé wa ní Kàdúná, bàbá mi sì ti ń gbé ilé náà kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí a fẹ́ kúrò, àbúrò mi fẹ́ kọ tẹ́ẹ̀sì lédè òyìnbó. Bàbá mi ní rárá, kí á kọ ọ́ ní Háúsá, kó kúrú. Ohun tí a kọ kò ju «Mun gode Alhaji, Allah ya saka da alheri» lọ, ìyẹn ni pé a dúpẹ́, kí Ọlọ́run fi ire san án, pẹ̀lú orúkọ bàbá mi nísàlẹ̀. Kò pẹ́ tí èsì fi dé: «Allah ya kiyaye hanya», kí Ọlọ́run ṣọ́ yín lọ́nà. Ó parí síbẹ̀. Bàbá mi ti lọ jókòó ti Alhájì lórí ẹní lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú, lẹ́yìn ìrun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ohun gbogbo, àní títí dé ọ̀rọ̀ owó iná tó kù.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé tẹ́ẹ̀sì lè kúrú nítorí pé ẹsẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè dé Ìlọrin, ẹ pe Bàbá lórí fóònù kí tẹ́ẹ̀sì tó wọlé. Kì í ṣe inú tẹ́ẹ̀sì ló yẹ kí àgbàlagbà ti kọ́kọ́ gbọ́ pé o ti lọ.

Ìyá Ìbejì Kúbwà

Ẹ ṣeun gan-an. Màámi Kárú, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Bàbá Kọ́ọ̀tù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á fún mi. Owó káṣọ̀n wa jẹ́ 100,000 náírà. Ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ni nẹ́ẹ̀tì fèrèsé méjì àti ọwọ́ ilẹ̀kùn yàrá wọn. Kọ́lọ̀ ara ògiri náà ti ṣá. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń mójú tó ilé fún Bàbá ń gbé inú ọgbà wa. Àkọ́bí Bàbá ti ní òun á yọ owó kọ́lọ̀ nínú káṣọ̀n. Níbo ni kí n ti sọ gbogbo èyí, bí kì í bá ṣe nínú tẹ́ẹ̀sì?

Bàbá Kọ́ọ̀tù

Kí ọjọ́ ìkólọ tó dé, bóyá ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yẹn kí ẹ jọ rìn yí ilé po ní ọ̀sán, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ mú bébà kan dání. Yàrá kan lẹ́yìn òmíràn, ẹ kọ ohun tí ẹ rí: nẹ́ẹ̀tì méjì ya, ọwọ́ ilẹ̀kùn kan ti já, òrùlé yàrá ẹ̀yìn ń jò láti ìgbà báyìí. Ẹ kọ iye yúníìtì tó wà lórí mítà iná, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Bí iléeṣẹ́ omi tàbí àwọn tó ń kó ilẹ̀ bá ní bíìlì lọ́rùn yín, ẹ san án, kí ẹ lẹ rìsíìtì mọ́ bébà náà. Kí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí i, kí kálukú mú ẹ̀dà kan, kí ẹ sì ya fọ́tò bébà náà ránṣẹ́ sí àkọ́bí Bàbá.

Lórí bébà yẹn ni ẹ ti máa sọ òtítọ́ tí Màámi Kárú fẹ́ gbọ́. Ẹ bi kápẹ́ńtà léèrè iye tí nẹ́ẹ̀tì àti ọwọ́ ilẹ̀kùn máa gbà. Ká ní ó sọ pé 15,000 náírà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n yọ 15,000 kúrò nínú 100,000, kí 85,000 padà sọ́dọ̀ yín, kí ẹ sì dá ọjọ́ tó máa wọlé. Nípa kọ́lọ̀, ẹ lọ ka àgírímẹ́ǹtì yín kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Kọ́lọ̀ tó ṣá nítorí pé ọdún ti gorí ọdún kì í ṣe ìbàjẹ́ ayálégbé. Ṣùgbọ́n àwọn àgírímẹ́ǹtì kan ní Àbújá kọ ọ́ gbangba pé kí ayálégbé kun ilé kó tó jáde. Bí ó bá wà nínú tiyín, ẹ ti fọwọ́ sí i. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí àkọ́bí fi ibi tó ti rí i hàn yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi tẹ́ẹ̀sì ìṣirò ránṣẹ́ sí àkọ́bí, kí ó dá dúró ní tirẹ̀: «Ẹ kú iṣẹ́ o. Bébà tí a fọwọ́ sí nìyí. Owó tó kù jẹ́ 85,000 náírà. Nọ́ńbà àkáǹtì wa wà nísàlẹ̀.» Kò sí àdúrà tó pọ̀ nínú ìyẹn, kò sì sí ìbínú.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá jáde, tí ilé ti ṣófo, tí kọ́kọ́rọ́ sì ti wọ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ pe Bàbá. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìpè ni tẹ́ẹ̀sì máa tẹ̀ lé e, sórí nọ́ńbà Bàbá fúnra wọn, torí orúkọ tiwọn ló wà nínú àgírímẹ́ǹtì. Mo gbìyànjú báyìí:

«Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Ìyá Ìbejì ni. A kó kúrò ní Kúbwà lónìí, Sátidé 30 oṣù Karùn-ún. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tó ń mójú tó ilé. Ẹ ṣeun tí ẹ gbà wá bí ọmọ. Ẹ yọ̀ǹda wa bí ẹnu wa bá ṣẹ̀ yín. Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà. Àwọn ìbejì ń kí yín.»

Ọjọ́ wà níbẹ̀ nítorí pé ó ń fi hàn ìgbà tí ẹ fi ilé sílẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, onílé lè sọ pé ẹ ò tíì kúrò, kó sì máa ka owó ilé lọ. Ẹ rí i pé mo ka kọ́kọ́rọ́, mo sì sọ ẹni tó gbà á. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìdúpẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀ffà

Èyí dùn ún kà. Mo fi ọ̀rọ̀ kan tì í lẹ́yìn. Ará àdúgbò wa kan ní Nyányà fi ìdágbére ránṣẹ́ láàárọ̀ kùtù, ó ní òun ti jáde, kí ọkọ̀ akẹ́rù tó dé. Ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà, kò dé títí ilẹ̀ fi ṣú. Onílé ti gbà gbọ́ pé ilé ti ṣófo, ó sì ní kí ayálégbé tuntun máa bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìdílé méjì pẹ̀lú ẹrù wọn pàdé ní ojúlé kan ṣoṣo. Ariwo ọjọ́ náà kò ṣe é ròyìn. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Olùtúnṣe Fóònù, Wúsè

Ẹ jọ̀ọ́, fóònù wo ni Bàbá ń lò? Tó bá jẹ́ èyí tí ń gba Wáàsáàpù, kò sí wàhálà. Tó bá jẹ́ fóònù kékeré olójú iná, ọ̀rọ̀ wà.

Tẹ́ẹ̀sì lásán ń gba lẹ́tà 160 lójú ewé kan bí ẹ bá kọ ọ́ láì fàmì sí i. Bí ẹ bá fi ẹ tàbí ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ sínú rẹ̀, odindi tẹ́ẹ̀sì náà á yí sí ọ̀nà ìkọ̀wé mìíràn, ojú ewé kan á wá gba 70 péré. Tó bá sì ju ojú ewé kan lọ, á tún dín sí 67, torí fóònù ń lo àyè díẹ̀ láti so àwọn ojú ewé pọ̀. Ọ tó ní àmì ohùn lórí ń gba àyè méjì. Mo ka èyí tí Bàbá Kọ́ọ̀tù kọ: pẹ̀lú àmì, ojú ewé mẹ́rin ni. Láì ní àmì, méjì ni. Owó ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń gé.

Owó kọ́ ni mo ń rò jù. Fóònù kékeré mìíràn kì í mọ ẹ àti ọ olámì. Onígun mẹ́rin ni wọ́n ń di lójú rẹ̀, àwọn ojú ewé náà sì lè wọlé ní ségesège. Àwọn oníbàárà ti gbé irú rẹ̀ wá fún mi, wọ́n rò pé fóònù ti bàjẹ́.

Ìyá Ìbejì Kúbwà

Fóònù kékeré ni Bàbá ń lò o! Àkọ́bí ló ní Wáàsáàpù.

Kàdúná Ló Bí Mi

Ẹ ò ṣe fi ohùn ránṣẹ́ sórí Wáàsáàpù àkọ́bí, kó tẹ̀ ẹ́ sí Bàbá létí? Ojú wọn kò ríran, etí wọn ń gbọ́. Àwọn ìbejì náà lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Bàbá Kọ́ọ̀tù

Ẹ fi ohùn ránṣẹ́, ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ fi tẹ́ẹ̀sì sílẹ̀. Ọjọ́ àti kọ́kọ́rọ́ ni mo fẹ́ kó wà ní kíkọ. Ẹ kọ ọ́ láì fàmì sí i sí nọ́ńbà Bàbá, kí ẹ fi olámì ránṣẹ́ sórí Wáàsáàpù àkọ́bí.

Ìyá Onílé Kárú

Ẹ jẹ́ kí n bá àwa onílé wí díẹ̀. Ẹ máa fèsì! Ayálégbé dúpẹ́, o kà á, o dákẹ́. Bí o bá tilẹ̀ ń bínú nítorí nẹ́ẹ̀tì, fèsì ìdúpẹ́ ná. Ohun tí mo máa ń kọ ni: «Mo rí i, ọmọ mi. Ẹ ṣeun tí ẹ tọ́jú ilé. Ibi tí ẹ ń lọ á tù yín lára, ire á kàn yín níbẹ̀. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ.» Bí owó wọn bá ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo máa ń fi kún un pé «owó yín á wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀», kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Mo mọ̀ pé Bàbá Kọ́ọ̀tù á ní kí n yà á sọ́tọ̀. Lójú tèmi, onílé lè pa á pọ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni owó wà.

Bàbá Kọ́ọ̀tù

Ẹni tó fẹ́ san owó lè kọ ọ́ síbi tó bá wù ú, Màámi. Ẹ sáà rí i pé Jímọ̀ yẹn kò yẹ̀.

Ṣadé Lúgbè

Ẹ ṣeun, Bàbá Kọ́ọ̀tù. Mo ti rí lọ́yà. Ó ní àgírímẹ́ǹtì mi dá oṣù mẹ́ta, kì í ṣe mẹ́fà, nítorí náà oṣù mẹ́ta ni mo ní ẹ̀tọ́ sí. Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú pé mo ṣi ọ̀rọ̀ yín gbọ́. Ẹ kú oríire ẹni tó bá yín gbé.

Ìyá Ìbejì Kúbwà

Kò sí ìbínú, Ṣadé, Ọlọ́run á bá ọ yanjú rẹ̀.

Ẹ̀yin tèmi, a ti jáde. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ti yí ilé po, a fọwọ́ sí bébà. Kápẹ́ńtà pe 18,000 náírà, a gbà bẹ́ẹ̀, ó ku 82,000. Kọ́lọ̀ kò sí nínú àgírímẹ́ǹtì wa. Mo fi ojú ewé náà han àkọ́bí, ṣùgbọ́n kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní òun á bá àwọn àbúrò òun sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ gbéra ní nǹkan bí agogo mẹ́rin. Mo pe Bàbá láti ẹnu géétì, wọ́n sì bá àwọn ìbejì sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ tẹ́ẹ̀sì láì fàmì sí i. Mo fi gbólóhùn kan kún un nípa ọdún tí wọ́n gba owó ilé ní ẹ̀mẹta, torí mi ò lè kúrò láì dárúkọ rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀ffà

Ẹ ṣe dáadáa tí ẹ fi ìyẹn kún un. Ọ̀rọ̀ kọ́lọ̀ ńkọ́? Ṣé kí wọ́n máa fojú sọ́nà ni, àbí kí wọ́n tún kọ̀wé?

Bàbá Kọ́ọ̀tù

Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí owó kò bá wọlé, kí Ìyá Ìbejì kọ̀wé sí àkọ́bí nìkan, kó fi fọ́tò bébà náà tì í. Kó má kọ ọ́ sórí nọ́ńbà Bàbá.